Pupa ẹyin mélòó ni ẹni tí kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù rẹ̀ ga lè jẹ lọ́sẹ̀?

Lọ́jọ́ tí èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ bá jáde, ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbọ́ ni, "Ẹ má jẹ ẹyin mọ́ o." Ẹni náà á délé, á gbé kiréètì ẹyin tó kù fún àbúrò rẹ̀, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi bọ́tà jẹ búrẹ́dì láàárọ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, á padà sí láàbù, nọ́ńbà á ṣì wà níbi tó wà, tàbí kó tilẹ̀ ti gun òkè sí i. Kì í ṣe pé ẹyin kò lẹ́bi rárá. Ó lẹ́bi, ṣùgbọ́n ẹ̀bi rẹ̀ ní ìwọ̀n, ìwọ̀n yẹn la sì gbọ́dọ̀ mọ̀ kí á tó lè sọ iye tó yẹ ká jẹ.

Ẹni tó ń kánjú ṣáà fẹ́ gbọ́ iye. Ó dára. Bí LDL yín, ìyẹn kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù burúkú inú ẹ̀jẹ̀, bá ga, tí ẹ kò ní àtọ̀gbẹ, tí àìsàn ọkàn kò sì tíì ṣe yín rí, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pupa ẹyin 3 tàbí 4 lọ́sẹ̀, kí ẹ má sì kọjá 7 láé. Funfun ẹyin kò ní òfin kankan. Bí ẹ ó ṣe mọ̀ bóyá 3 ló tọ́ sí yín tàbí 7, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Ohun tó wà nínú pupa náà

Ẹyin adìẹ àgírííkì tó tóbi, tí ohun inú rẹ̀ wọn nǹkan bí gíráàmù 50, ní kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù tó tó mílígíráàmù 186. Inú pupa ni gbogbo rẹ̀ wà. Funfun kò ní ẹyọ kan, bẹ́ẹ̀ sì ni funfun yìí ló ní ju ìdajì lọ nínú purotéènì ẹyin náà. Pupa tún ní ọ̀rá, nínú èyí tí gíráàmù 1.6 jẹ́ irú ọ̀rá tó máa ń dì bí òtútù bá mú un, bíi ti bọ́tà àti ti ọ̀rá màlúù. Ẹ fi ọ̀rá tó ń dì yìí sọ́kàn, a ó padà bá a.

Kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù tí láàbù ń wọ̀n nínú ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe èyí tí ẹ jẹ ní àná. Ẹ̀dọ̀ yín ló ṣe púpọ̀ jù nínú rẹ̀ fúnra rẹ̀, nítorí pé ara nílò rẹ̀. Bí èyí tó ń ti inú oúnjẹ wọlé bá pọ̀ sí i, ẹ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn á dín tirẹ̀ kù, ìdí nìyẹn tí ẹyin kì í fi gbé nọ́ńbà sókè tó bí a ṣe rò. Ọ̀rá tó ń dì ló ń ṣe ọṣẹ́ jù. Lára ẹ̀dọ̀ ni ẹnu-ọ̀nà kéékèèké wà tó máa ń fa LDL kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Ọ̀rá tó ń dì máa ń dín iṣẹ́ àwọn ẹnu-ọ̀nà yìí kù, LDL á wá máa rìn kiri nínú ẹ̀jẹ̀ láìrí ibi wọ̀ sí.

Ní ọdún 1968, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ọkàn ní Amẹ́ríkà sọ pé kí ẹnikẹ́ni má jẹ ju pupa ẹyin 3 lọ lọ́sẹ̀, kí kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù inú oúnjẹ òòjọ́ má sì kọjá mílígíráàmù 300. Ìmọ̀ràn yẹn ló tàn ká gbogbo ayé, tó fi di "má jẹ ẹyin mọ́" lẹ́nu àwọn ènìyàn wa. Ìlànà oúnjẹ ìjọba Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ ní 2015 ti yọ 300 náà kúrò. Ṣùgbọ́n ní 2019 ẹgbẹ́ onímọ̀ ọkàn kan náà ṣàlàyé pé ẹni tí ara rẹ̀ le lè jẹ ẹyin kan lójúmọ́, àmọ́ kí ẹni tí ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ga, pàápàá tí àtọ̀gbẹ bá wà níbẹ̀, ṣọ́ra. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé "wọ́n ti ní ẹyin kò ṣe nǹkan kan mọ́" ti gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ka ìwé àyẹ̀wò dáadáa

Ẹ jẹ́ ká fi obìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ, ẹni ọdún 56 tó ń ta aṣọ ní ọjà Gbági ní Ìbàdàn. Èmi ni mo to nọ́ńbà rẹ̀ jọ kí ẹ̀kọ́ lè yé wa, ṣùgbọ́n irú ìwé bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ gan-an. Àpapọ̀ kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù rẹ̀ jẹ́ 258, HDL, ìyẹn kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù rere, 48, ọ̀rá kejì tí wọ́n ń pè ní tiráígílísẹ́ráìdì 140, gbogbo rẹ̀ ní mg/dL. Àpapọ̀ 258 yẹn ni gbogbo ènìyàn máa ń tẹjú mọ́, òun sì kọ́ ni ọ̀rọ̀ kàn. LDL ló ń lẹ̀ mọ́ ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀. Bí láàbù kò bá kọ ọ́, ẹ lè ṣírò rẹ̀ fúnra yín:

```
LDL = 258 − 48 − (140 ÷ 5) = 182
```

Ìṣirò yìí kò ṣeé gbára lé bí tiráígílísẹ́ráìdì bá ti wọ 400. Bó bá jẹ́ mmol/L ni wọ́n fi kọ ìwé tiyín, ẹ fi 38.7 sọ LDL di púpọ̀ kí ẹ lè rí mg/dL: 4.7 di nǹkan bí 182. LDL tó bá ti kọjá 160 ti ga. Bó bá dé 190 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ oògùn ni, kí ẹ má tíì bá ẹyin jà, ẹ lọ rí dókítà.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ mọ ẹgbẹ́ tí ẹ wà

Ẹni tí àtọ̀gbẹ ń ṣe, àti ẹni tí ìkọlù ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀ ti kọ lù rí, kò yẹ kó máa fi ara rẹ̀ dán nǹkan wò. Pupa 3 lọ́sẹ̀ ni kó fi mọ, kó sì bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀. Àjọ onímọ̀ ọkàn ní Ọsirélíà fàyè gba 7 lọ́sẹ̀ fún irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òpin ni 7 yẹn, kì í ṣe iye tí a ń lépa.

Ẹgbẹ́ kan tún wà tí wọ́n kì í tètè mọ̀ ara wọn: àwọn tí kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù wọn ga láti inú ìdílé. Ẹnu-ọ̀nà ara ẹ̀dọ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ni kò pé lára wọn látọjọ́ ìbí. Bí LDL yín bá jẹ́ 190 sókè, tí bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n yín ọkùnrin bá ti ní ìkọlù ọkàn kó tó pé ọdún 55, tàbí tí ẹ bá rí kókó líle lára iṣan gìgísẹ̀ tàbí lẹ́yìn ọwọ́, ẹ fura. Wọn kì í fi oúnjẹ nìkan wo irú èyí. Àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù ní Britéènì ní kí wọ́n má kọjá 3 sí 4 lọ́sẹ̀, kí àwọn ọmọ wọn náà sì lọ ṣàyẹ̀wò.

Obìnrin Gbági wa kò sí nínú ìkankan nínú ẹgbẹ́ méjèèjì. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kàn ń ru díẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ ka pupa ẹyin fún ọjọ́ méje

Ẹ má ṣe dá ẹyin dúró ní ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹ kàn mú bírò, kí ẹ máa kọ gbogbo pupa tó wọ inú yín sílẹ̀. Ẹyin dídín òwúrọ̀ rọrùn láti rántí. Èyí tó ń fara pamọ́ ni ìṣòro: ẹyin tó wà nínú mọ́ínmọ́ín, ẹyin tí wọ́n fi ìyẹ̀fun wé tí wọ́n ń tà nínú gíláàsì lẹ́bàá ọ̀nà, ẹyin orí sàláàdì níbi ìnáwó, àti kéèkì.

Obìnrin yìí ń jẹ ẹyin dídín 2 pẹ̀lú búrẹ́dì láti ọjọ́ Ajé dé Àbámẹ́ta, ìyẹn 12. Ó jẹ ẹyin tí wọ́n fi ìyẹ̀fun wé ní ọjà lọ́jọ́rú, 1. Mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́yin lálẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1. Ẹyin sísè lórí ìrẹsì ọjọ́ Ìsinmi, 1. Àpapọ̀ rẹ̀ di 15. Nígbà tí mo bá bi irú ẹni báyìí ní ìbéèrè láìsí ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, ohun tó máa ń sọ ni pé, "Ẹyin? Ṣé ẹyọ mẹ́fà ni n ó pè é lọ́sẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ ẹyin àparò wọlé níhìn-ín, nítorí pé àwọn tó ń tà á máa ń sọ pé kò ní kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù. Irọ́ ni. Ẹyọ kan, bó ti kéré tó yẹn, ní mílígíráàmù bíi 76. Ẹni tó bá gbé márùn-ún mì láàárọ̀ ti jẹ iye tó wà nínú ẹyin adìẹ méjì. Ẹyin pẹ́pẹ́yẹ tilẹ̀ burú jù: ẹyọ kan ṣoṣo ju ẹyin adìẹ mẹ́ta lọ. Ti adìẹ ìbílẹ̀ kéré lójú, àmọ́ pupa inú rẹ̀ kò kéré tó bí èèpo rẹ̀ ṣe kéré. Ẹ kà á sí odindi ẹyin kan.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ dín ẹyin nìkan kù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà

Ibí yìí ni mo ti yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ olùgbani-nímọ̀ràn. Wọ́n máa ń ní kí ènìyàn yí gbogbo nǹkan padà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí LDL bá wá sílẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ bóyá ẹyin ni tàbí òróró tàbí ìrìn tí ẹ ń rìn. Nínú ogunlọ́gọ̀ ènìyàn, ẹ̀dọ̀ àwọn díẹ̀ kì í dín iṣẹ́ rẹ̀ kù bí ẹyin bá wọlé, nọ́ńbà wọn á máa fò. Àwọn yìí ni ẹyin ń pa lára ní tòótọ́, ojú kò sì lè dá wọn mọ̀. Àyẹ̀wò nìkan ló lè fi wọ́n hàn.

Nítorí náà, obìnrin wa sọ ẹyin di 4 lọ́sẹ̀, ó fi òróró, ẹran, mílíìkì àti ohun gbogbo yòókù sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Ìyàtọ̀ pupa 11 lọ́sẹ̀ jẹ́ nǹkan bí mílígíráàmù 290 lójúmọ́. Lára ènìyàn tó pọ̀ jù, mílígíráàmù 100 lójúmọ́ máa ń gbé LDL sókè ní bíi 2 mg/dL. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ohun tó yẹ kó rí ni kí LDL wá sílẹ̀ ní nǹkan bí 6. Láti 182 sí 176. Ẹ wò ó dáadáa: ó fi ẹyin 11 sílẹ̀ lọ́sẹ̀, 6 péré ló gbà.

Ohun mìíràn tún wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ẹ tó padà sí láàbù. LDL ẹni tí kò yí nǹkan kan padà lè lọ sókè tàbí sílẹ̀ ní bíi 10 láti ọ̀sẹ̀ kan sí èkejì, fúnra rẹ̀. Nítorí náà ẹ lo láàbù kan náà, ní àkókò kan náà láàárọ̀, láìjẹun, kí ẹ má sì lọ nígbà tí ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi yín sílẹ̀, nítorí àìsàn máa ń fa nọ́ńbà náà sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Bí ìyàtọ̀ kò bá tó 10, ẹ kà á sí pé ẹyin kò ṣe púpọ̀ níbẹ̀. Bó bá ju 20 lọ, ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i kí ó lè dá yín lójú. Bó bá tún rí bẹ́ẹ̀, ẹ wà lára àwọn tí ẹyin ń gbé LDL wọn.

Nígbà tí obìnrin Gbági padà dé, 178 ni wọ́n kọ fún un. Ẹyin kọ́ ni olórí ìṣòro rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ wo inú páànù

Ẹyin dídín 2 ní ọ̀rá tó ń dì tó tó gíráàmù 3. Òróró tó fi ń dín wọn ńkọ́? Ẹ mú ìgò náà wá, kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Ọ̀pọ̀ òróró funfun tí a ń rà ní ọjà, láti ara ọ̀pẹ ni wọ́n ti fún un: epo pupa tí wọ́n ti sẹ́, tí wọ́n sì ti yọ àwọ̀ rẹ̀ kúrò ni. Ọ̀rá tó ń dì inú rẹ̀ sún mọ́ ìdajì. Ṣíbí ìjẹun kan ní gíráàmù bíi 6. Bí ẹyin bá mu ṣíbí kan àti ààbọ̀, ìyẹn 9, ìlọ́po mẹ́ta ohun tó wà nínú ẹyin náà fúnra rẹ̀. Bí òtútù bá mú, irú òróró yìí máa ń ṣú, ó sì lè dì nísàlẹ̀ ìgò. Ẹ lè fi mọ̀ ọ́n bí ẹni tó tà á bá wọ̀n ọ́n sínú náílọ́ọ̀nù láìsí àkọlé. Ṣíbí kan òróró ẹ̀pà ní bíi 2.5, ti sóyà ní bíi 2.

Obìnrin wa ń lo ṣíbí 3 lójúmọ́, ti ẹyin àárọ̀ pẹ̀lú ti ọbẹ̀ alẹ́. Gíráàmù 18 nìyẹn. Ó yí i padà sí òróró ẹ̀pà, ṣíbí 2, ó di 5. Ìṣirò àwọn onímọ̀ fi hàn pé irú ìyípadà yìí, ní ara ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ jẹ́ bíi kalorí 2,000 lójúmọ́, lè fa LDL sílẹ̀ ní 10 sí 12. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì ohun tí ẹyin 11 fún un, kò sì fi oúnjẹ kankan sílẹ̀. Ó tún fi ẹ̀wà sísè sínú oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀, ìwọ̀n ife tíì kan, nítorí okùn inú ẹ̀wà tí wọ́n ń pè ní fáíbà máa ń fa kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù jáde gba inú ìgbẹ́. Bíi 5 nínú 100 ni LDL fi máa ń dín kù. Kò ní wúlò tí ẹ bá da epo pupa lé e lórí títí tó fi ń léfòó o.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, 157.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: iye yín

Láti 4 dé 7 lọ́sẹ̀, ìyàtọ̀ rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ẹyin kì í gbé nọ́ńbà rẹ̀ kò tó 2 mg/dL. Kò sí láàbù tó lè rí i. Nítorí náà, obìnrin yìí lè mú 6, kó pín in káàkiri ọ̀sẹ̀. Ẹni tí LDL rẹ̀ fò ní 20 nítorí ẹyin nìkan kò gbọ́dọ̀ kọjá 2 tàbí 3, bó ti wù kí ara rẹ̀ le tó.

Bó bá jẹ́ ẹyin dídín ló wù yín, ẹ fọ́ ẹyin 3, kí ẹ lo pupa 1 àti funfun 3. Funfun nìkan máa ń gbẹ bí rọ́bà. Pupa kan yẹn ló ń mú kó rọ̀, pẹ̀lú àlùbọ́sà àti tòmátì púpọ̀. Ẹ fi aṣọ pa òróró sí ojú páànù dípò kí ẹ dà á. Pupa 2 tó ṣẹ́ kù, ní irú owó tí ẹyin ń jẹ báyìí, ẹ má dà á nù: ẹ lù ú mọ́ tàwọn ọmọ kékeré inú ilé, ayàfi bí kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù bá jẹ́ ti ìdílé yín. Èmi fúnra mi fẹ́ràn ẹyin sísè ju dídín lọ fún ẹni tó ń ka pupa, torí ó ṣeé kà, kò sì mu òróró.

Nípa oògùn

Bí dókítà bá ti fún yín ní sítátíìnì, LDL lè wá sílẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́ta tàbí ìdajì. Àwọn kan á wá ní àwọn ti lómìnira, wọ́n á padà sí ẹyin 3 lójúmọ́. Àwọn mìíràn á dá oògùn dúró torí pé wọ́n ti fi ẹyin sílẹ̀. Méjèèjì kò bá ìṣirò mu: 6 tí ẹyin lè gbà padà kò lè rọ́pò 60 tí oògùn gbà. Ó tún yẹ kí wọ́n yẹ ẹ̀yà ara tí wọ́n ń pè ní táírọ́ìdì, tó wà lọ́rùn, wò bí LDL bá ga tí ẹ kò rí ìdí, pàápàá tí ó bá ń rẹ̀ yín, tí ẹ ń sanra, tí òtútù sì ń mú yín ju àwọn ẹlòmíràn lọ. Bí táírọ́ìdì kò bá ṣiṣẹ́ tó, ó máa ń gbé LDL sókè, kò sì sí ẹyin tí ẹ fi sílẹ̀ tí yóò wò ó.

Dókítà obìnrin Gbági wo 157 yẹn, ó wo ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, ó fún un ní sítátíìnì kékeré kan lálẹ́. Ẹyin rẹ̀ ṣì wà ní 6: ọ̀kan sísè ní ọjọ́ Ajé, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú àti Ẹtì, ọ̀kan nínú mọ́ínmọ́ín, ọ̀kan lórí ìrẹsì ọjọ́ Ìsinmi.